Lẹ́tà Ṣáínà wo ni kí a fi kọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Fóṣán?

"Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ ra táìlì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Fóṣán. Ògbufọ̀ wa ní òun lè fi lẹ́tà àtijọ́ tàbí lẹ́tà rírọrùn kọ ìwé àdéhùn náà, pé iye kan náà ni. Èwo ni kí n mú?"

Lẹ́tà rírọrùn ni kẹ́ ẹ mú. Òun ni ìjọba, ilé ẹjọ́ àti àwọn oníṣòwò Fóṣán ń lò. Họ́ńgì Kọ́ńgì, Makáù àti Táíwàn ló ń lo ti àtijọ́. Ògbufọ̀ tó bá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí irú rẹ̀ ló kó mi sí wàhálà.

Àga àti bẹ́ẹ̀dì ni mo rà, ní Fóṣán kan náà. Lọ́ńdọ̀nù ni ògbufọ̀ tèmi wà, ọmọ Họ́ńgì Kọ́ńgì ni, lẹ́tà tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé ìwé ló sì fi kọ gbogbo rẹ̀. Kíkà rẹ̀ kò nira fún àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà, orúkọ ni ewu wà. Orúkọ tó wà lórí ìwé àṣẹ ìṣòwò wọn, lẹ́tà rírọrùn ni, orúkọ ìlú ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ògbufọ̀ yìí yọ "Fóṣán" kúrò níwájú, ó wá yí ìyókù sí lẹ́tà àtijọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́jà náà ní kóńpìnnì mìíràn ní Họ́ńgì Kọ́ńgì, níbi tó jẹ́ pé lẹ́tà àtijọ́ ni wọ́n fi ń forúkọ Ṣáínà sílẹ̀. Orúkọ inú ìwé mi wá di orúkọ kóńpìnnì yẹn gan-an, kò sí lẹ́tà kan tó yàtọ̀. Òǹtẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sí i. Àkáǹtì ibẹ̀ náà ni wọ́n ní kí n sanwó sí.

Nígbà tí ẹrù dé Àpápá, pákó ti wú, aṣọ ara àga ti hu. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Ilé-iṣẹ́ Fóṣán ní àwọn kò bá mi ṣe àdéhùn kankan, kí n lọ bá Họ́ńgì Kọ́ńgì. Kóńpìnnì Họ́ńgì Kọ́ńgì kò ní ju àdírẹ́sì lọ: kò ní ẹ̀rọ, kò ní ilé ìkẹ́rùsí, kò sí ohun tí ilé ẹjọ́ lè gbẹ́sẹ̀ lé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí mo gbé ìwé náà tọ̀ lọ ní Guangdong, ìpínlẹ̀ tí Fóṣán wà, kò tilẹ̀ ṣí i kọjá ojú ewé kìíní. Ó ní orúkọ yìí kò sí lórí kọ̀ǹpútà àwọn, ó sì pe ẹni tó kàn. Agbẹjọ́rò tí mo gbà gba owó tirẹ̀ pé, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ni mo bá ṣòwò. Oṣù ń gorí oṣù ká tó fi ìwé ọkọ̀ òkun àti ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí Wíṣáàtì fi hàn pé Fóṣán ló ṣe ẹrù náà. Díẹ̀ nínú owó mi ni mo rí gbà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpútà yí orúkọ padà. Lẹ́tà rírọrùn kan lè dúró fún lẹ́tà àtijọ́ méjì. 发 wọ́pọ̀ nínú orúkọ ilé-iṣẹ́ nítorí pé ó jẹ mọ́ ọrọ̀. Ní lẹ́tà àtijọ́, 發 ni ti ọrọ̀, 髮 sì ni irun orí. Bí kọ̀ǹpútà bá mú ti irun, orúkọ ẹlòmíràn lẹ kọ yẹn.

Ẹ gba fọ́tò ìwé àṣẹ wọn, kẹ́ ẹ da orúkọ àti nọ́ńbà oníhóró 18 inú rẹ̀ kọ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí gsxt.gov.cn, níbi tí ìjọba Ṣáínà ń to orúkọ ilé-iṣẹ́ sí. Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ Ṣáínà pupa, ó rí roboto, ìràwọ̀ wà láàárín.

Ohun kan tún wà tí àwọn ògbufọ̀ máa ń fojú fò. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà fún owó àsansílẹ̀, wọ́n sì dún bákan náà: 定金 àti 订金. Òfin Ṣáínà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021 ní bí ẹ bá san 定金, tí ọlọ́jà wá yẹ àdéhùn débi pé ọjà náà kò wúlò fún yín mọ́, ìlọ́po méjì ni yóò dá padà. Ṣùgbọ́n 定金 náà kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 20 nínú 100 iye ọjà. Ká ní ọjà jẹ́ 100,000 dọ́là, ẹ sì san 30,000 sílẹ̀: 20,000 ló jẹ́ 定金, èyí tó máa di 40,000, 10,000 tó kù, bó ṣe wà ni wọ́n máa dá a padà. 订金 kò ní agbára yẹn.

Bí wọ́n bá ní Họ́ńgì Kọ́ńgì ni kẹ́ ẹ sanwó sí, ẹ kọ kóńpìnnì yẹn sínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹta, pẹ̀lú orúkọ lẹ́tà àtijọ́ tirẹ̀ àti orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ Fóṣán sì fọwọ́ sí i pé owó tó bá wọ ibẹ̀, àwọn ló gbà á. Òǹtẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n to ojú ewé náà lé ara wọn bí abẹ̀bẹ̀, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ Fóṣán gba etí gbogbo wọn kọjá, kí wọ́n má bàa yọ ewé kan fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.