Oṣù 5 lórí Wáàsáàpù: ṣé ká pàdé?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ó ti tó oṣù 5 tí èmi àti ọkùnrin kan ti ń sọ̀rọ̀ lórí Wáàsáàpù. Ìbàdàn ni mo wà, Èkó ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní kí n wá kí àwọn nílé ní Sátidé. Ṣé ó ti tó àsìkò?"

Àbúrò mi, má fi oṣù wọ̀n ọ́n. Èèyàn lè máa tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ fún ọdún kan kó má sì jẹ́ ẹni tó wà nínú fọ́tò yẹn. Ohun tí màá kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, ṣé o ti rí i lórí fídíò lọ́jọ́ tí kò múra sílẹ̀? Pè é lálẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, kò burú, kó ṣáà pè ọ́ padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá gbé e, ní kó yí kámẹ́rà sí fèrèsé, kó yí i padà sójú ara rẹ̀, kó wá dáhùn ìbéèrè tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í. Fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ kò lè ṣe ìyẹn. Ṣe é tó ìgbà 3, ní ọ̀sẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ń dá ṣáká fún ìpè lásán, àmọ́ tó ń bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá kan fídíò, má lọ pàdé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wo bó ṣe ń gba "rárá". Èyí gan-an ló ń fi èèyàn hàn jù, bó ṣe ní kó o wá kí òun nílé yẹn sì ti fún ọ láǹfààní láti dán an wò. Sọ fún un pé: "Mi ò ní lè wá sílé yín. Bẹ́ ẹ bá lè wọ rélùwéè láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta wá sí Mọ́níyà, ẹ jẹ́ ká pàdé ní mọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ní agogo 12 ọ̀sán." Bó bá gbà, tàbí tó dá ibòmíì tí èrò pọ̀ sí lábàá, ó ti tó. Bó bá wú fùkẹ̀, tó ní o ò fọkàn tán òun, tó dákẹ́ fún ọjọ́ 2 kó lè fi jẹ ọ́ níyà, kò tíì tó, oṣù mìíràn kò sì ní tún un ṣe. Bó bá ní kó o fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ì báà jẹ́ 2,000 náírà, ìyẹn ti parí. Ìwọ náà má gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Owó yẹn á máa wúwo lọ́kàn rẹ lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ tètè dìde.

Bí méjèèjì bá yege, má fà á ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ. Bí ọ̀rọ̀ orí fóònù bá ti pọ̀ jù, èèyàn á fọkàn ara rẹ̀ mọ ẹni tí kò sí, ara á sì bù ú lọ́jọ́ ìpàdé.

Lọ́jọ́ náà, wákàtí 2 péré ti tó, kó o sì sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé agogo 2 lo máa kúrò. Fúnra rẹ ni kó o wọkọ̀ lọ, kó o wọkọ̀ bọ̀. Tẹ "Share live location" sí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ rẹ kan, mú wákàtí 8, kí onítọ̀hún pè ọ́ ní agogo 1. Bó bá yí ibi ìpàdé padà láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ní kó o wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì, padà sílé.