Fẹnomẹnọ́lọ́jì ẹ̀sìn: fífi ìgbàgbọ́ sí àkámọ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni "fi ìgbàgbọ́ ẹ sí àkámọ́", kí ló dé táwọn kan ò fara mọ́ ọn?

O ò ní dájọ́ bóyá òótọ́ ni ẹ̀sìn tó ò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀ àbí irọ́, wàá kàn ṣàpèjúwe bó ṣe hàn sáwọn tó ń ṣe é; ohun tí fẹnomẹnọ́lọ́jì ẹ̀sìn dá lé nìyẹn, ọ̀dọ̀ Husserl onímọ̀ ọgbọ́n orí ni wọ́n ti yá a. Wo Ẹ̀yọ̀ n'Ísàlẹ̀ Èkó, má wulẹ̀ máa jà bóyá èèyàn ló wà lábẹ́ aṣọ funfun yẹn, kọ̀wé nípa ọ̀pámbàtà ọwọ́ wọn, kọ bí wọ́n ṣe ń ní kéèyàn bọ́ bàtà, àti ohun tíyẹn jẹ́ lójú àwọn fúnra wọn.

Gavin Flood (1999), onímọ̀ nípa ẹ̀sìn, ní kò sẹ́ni tó ń wòran láìní ibi tó dúró sí, tó o bá jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ni ẹ́ níbi tó o ti ń wòran o! Àwọn míì ní àpèjúwe yẹn kì í béèrè ta ló láṣẹ láti ní kí Ẹ̀yọ̀ jáde, èmi gan-an gbà pẹ̀lú wọn.