Ìpínlẹ̀ Náíjà àti Ìpínlẹ̀ Kánò: èwo ló tóbi jù?

Ẹ jọ̀ọ́, láàárín Ìpínlẹ̀ Náíjà àti Kánò, èwo ló tóbi jù? Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi ni, Àbújá la wà.

Ilẹ̀ Náíjà, tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Mínnà, ló fẹ̀ jù, ṣùgbọ́n Kánò, tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Kánò, ló lérò jù. Náíjà fẹ̀ tó nǹkan bí 76,000 kìlómítà níbùú lóròó, Kánò tó nǹkan bí 20,000. Síbẹ̀, nínú ìkànìyàn ọdún 2006, èrò Kánò lé ní mílíọ̀nù 9, ti Náíjà kò pé mílíọ̀nù 4.

Ti odò ló yẹ kí ọmọ yà sórí máàpù. Ní Náíjà, Odò Kàdúná ń ṣàn wọ Odò Ọya, omi náà sì ń lọ títí dé òkun. Ní Kánò, Odò Kánò àti Ṣaláwà pàdé, wọ́n sì kọrí sí ìhà Adágún Ṣáàdì. Omi tiwọn kì í dé òkun.