Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọ̀gá mi fi mọ̀ pé mò ń wáṣẹ́

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ kọ́ńtábù ni mò ń ṣe níbí ní Àjàṣẹ́, mo sì fẹ́ wá ibòmíràn láìjẹ́ kí ọ̀gá mi mọ̀. Wọ́n ní kí n tan Open to work, àmì pé mò ń wáṣẹ́, lórí LinkedIn, kí n sì mú Recruiters only, kí àwọn tó ń ṣa òṣìṣẹ́ nìkan lè rí i. Ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀gá mi ò ní rí i?”

Àbúrò mi, má tíì tàn án lálẹ́ òní. Ní 2021, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo tan tèmi. Recruiters only náà ni mo mú, mo sì sùn, ọkàn mi balẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, n ò tíì jókòó dáadáa tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ pè mí. Kò jágbe o. Ó kàn ń yí bírò lọ́wọ́, ó ní, “Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa ti sú ọ.” Mo ní rárá, ọ̀gá. Ó ní ó dáa, kí n máa lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n gba ọmọ kan wọlé, wọ́n ní kí n kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí mò ń ṣe.

Ó tó oṣù méjì kí n tó mọ bí omi ṣe dé inú àgbọn.

Àmì tí Recruiters only ń gbé jáde, àwọn tó ń sanwó fún LinkedIn Recruiter, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣa òṣìṣẹ́, ni wọ́n ń rí i. Nínú àwọn wọ̀nyẹn, LinkedIn máa ń gbìyànjú láti fi ọ́ pamọ́ fún àwọn tó wà ní ilé-iṣẹ́ tìrẹ àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá a tan. Ó gbìyànjú ni mo wí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra wọn pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àṣírí rẹ yóò bò pátápátá, àmọ́ ta ló ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Kí ó tó lè fi ọ́ pamọ́ fún ilé-iṣẹ́ rẹ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́. Inú Experience rẹ, ibi tí o kọ àwọn iṣẹ́ rẹ sí lórí pírófáìlì, ló ti ń wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti bàjẹ́. Ọjọ́ tí mo ṣí pírófáìlì yẹn, mo kàn fi ọwọ́ tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ wa ní ìkékúrú, bí gbogbo wa ṣe ń pè é ní Wàńdò. Àwọn orúkọ yọ sísàlẹ̀ pé kí n mú ọ̀kan, n ò mú nǹkan kan. Lójú ènìyàn, ilé-iṣẹ́ wa ni mo kọ. Lójú LinkedIn, lẹ́tà márùn-ún kan tí kò so mọ́ ibì kankan ni. Nígbà tí obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni tiwa ní Kútọnu wá ń wá kọ́ńtábù tó ń gbé Àjàṣẹ́, èmi ló kọ́kọ́ yọ sí i, pẹ̀lú àmì pé mo ṣe tán láti kúrò. Ẹnì kan ní bùróò wọn ló padà sọ fún mi. Ó ní obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí.

Nítorí náà, kí o tó tan ohunkóhun, ṣí pírófáìlì rẹ, kí o wo iwájú orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ. Bí àmì ilé-iṣẹ́ yín bá wà níbẹ̀, tí o tẹ̀ ẹ́ tó sì gbé ọ lọ sí ojú-ewé wọn, ó ti so mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ àwòrán ilé aláwọ̀ eérú kan báyìí ló wà níbẹ̀, bíi tèmi, kò so. Tẹ àwòrán pẹ́ńsù, pa orúkọ náà rẹ́, tún un tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o sì mú èyí tó ní àmì nínú àwọn tó bá yọ. Lójú-ewé kan náà ni wàá rí Notify network. Pa á kí o tó tẹ Save, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lè rí i gbà pé o tún pírófáìlì ṣe. (Gẹ̀ẹ́sì ni fóònù mi ń sọ. Bí tìrẹ bá ń sọ Faransé, ibi kan náà ni wọ́n wà, orúkọ ló yàtọ̀.)

Bí ilé-iṣẹ́ yín ò bá wá ní ojú-ewé rárá ńkọ́? Ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ níbí, pàápàá ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Nígbà náà, má tan Open to work. Kò sí ohun tí LinkedIn máa fi dá wọn mọ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ mú All LinkedIn members, torí ìyẹn ló ń fi òrùka aláwọ̀ ewé yí fọ́tò rẹ ká. Gbogbo ayé ni yóò rí i.

Ímeèlì tún ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ ímeèlì ibi iṣẹ́ lo fi ṣí i, ìkéde iṣẹ́ tí o bá ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́, inú àpótí ilé-iṣẹ́ ni yóò máa balẹ̀ sí, ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn sì lè kà á. Lọ sí Settings & Privacy, Sign in & security, Email addresses. Fi tìrẹ kún un, sọ ọ́ di àkọ́kọ́, kí o tó yọ tiwọn.

Ní ti Private mode, tí kì í jẹ́ kí ẹni tí o lọ wo pírófáìlì rẹ̀ mọ̀ pé ìwọ ni, mò ń tàn án tí mo bá fẹ́ wo àwọn ènìyàn tó mọ ọ̀gá mi, lẹ́yìn náà mo máa ń pa á. Bí o ò bá sanwó fún LinkedIn, tó bá ṣì wà ní títàn, ìwọ náà ò ní rí àwọn tó wá wo tìrẹ. Èmi sì fẹ́ kí ẹni tó ń wá kọ́ńtábù mọ̀ pé mo yà lọ́dọ̀ òun.

Ibì kan wà tí kò sí bọ́tìnnì tó lè gbà ọ́. Àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ fún owó, tí à ń pè ní kábínẹ̀, kì í ṣe ara ilé-iṣẹ́ yín, nítorí náà LinkedIn ò ní fi ọ́ pamọ́ fún wọn. Bó bá sì jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ yín ló ń gbé iṣẹ́ fún wọn, ó ti tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa Open to work tèmi pátápátá, tí mò ń wá iṣẹ́ fúnra mi, tí mo sì ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tó kéde rẹ̀ nìkan. Báyìí ni mo ṣe rí ibi tí mo wà yìí.

Àmọ́ bí kábínẹ̀ bá kéde iṣẹ́ tí wọn ò kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí i, pè wọ́n kí o béèrè kí o tó fi ìwé rẹ ránṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ò béèrè. Ìdí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá ènìyàn sí.