Pèèjì òwò tó há mọ́ pùròfáìlì àtijọ́: láìnì Náíjá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jí dìde

“Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, Líìdìsì ni mo wà. Èmi nìkan ni ádímìn pèèjì Fesibúùkù tí mo fi ń ta adìrẹ. Fóònù mi ti sọnù, mi ò rántí páásíwọ́ọ̀dù, láìnì Náíjá tí mo fi ṣí i lọ́jọ́ sí ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Mo ti ṣí pùròfáìlì tuntun àmọ́ mi ò rí ọ̀nà wọ pèèjì yẹn. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú ìdààmú o mà. Ẹ jẹ́ n ti orí pùròfáìlì tuntun yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta ṣòfò. Pèèjì ò ní páásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀. Ó dà bíi ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò ṣe ilẹ̀kùn síta fún, inú pálọ̀ ẹni tó ni ín lèèyàn máa gbà kó tó débẹ̀, pálọ̀ yẹn ni pùròfáìlì yín àtijọ́. Ẹ lè fi fọ́tò kan náà àti orúkọ kan náà sórí tuntun, ẹlòmíì pátápátá ni lójú Fesibúùkù. Pèèjì ò sọnù rárá, kọ́sítómà ṣì ń rí i, wọ́n ṣì ń kọ mẹ́sééjì síbẹ̀, ẹni tó máa kà á ni ò sí. Nítorí náà ẹ má wá pèèjì mọ́, pùròfáìlì àtijọ́ ni kẹ́ ẹ máa wá.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó dé ìdí ìyẹn, ẹ ro ó dáadáa bóyá ẹnì kan wà tẹ́ ẹ ti fún láàyè níbẹ̀ rí: àbúrò tó ń bá yín pósítì, ọmọ tó bá yín sanwó ìpolówó lọ́dún kan, ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní full control lè fi pùròfáìlì yín tuntun kún un lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Tó bá jẹ́ partial control ló ní, kò lè fi ẹnikẹ́ni kún un, àmọ́ ó ṣì lè pósítì kó sì dá kọ́sítómà lóhùn, ìyẹn náà kì í ṣe kékeré. Tẹ́ ẹ bá sì ti gba business.facebook.com polówó rí, ẹ wò ó bóyá ẹlòmíì wà pẹ̀lú yín níbẹ̀, torí ẹni tó ní full control lórí business portfolio tó ni pèèjì yẹn lè gbé e fún yín láti inú ibẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé pé àwọn ti fi ẹnì kan síbẹ̀ rí.

Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni, a jẹ́ pé láìnì Náíjá yẹn ni iṣẹ́ wà. Ohun tójú àbúrò mi obìnrin rí nìyí. Bámíńgámù ló wà, ìyá wa ló ń bá a ra adìrẹ ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, òun nìkan ni ádímìn, wọ́n wá jí fóònù ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Láìnì tó fi ṣí Fesibúùkù, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti lò ó kẹ́yìn, síìmù ọ̀hún ò tiẹ̀ sí lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́.

Òfin NCC ni pé tí láìnì bá lo ọjọ́ 180 láìṣe nǹkan kan tó mówó wọlé fún ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ìyẹn ni pé wọn ò fi pe èèyàn, wọn ò fi tẹ̀ téèsì, wọn ò lo dátà, wọ́n lè tì í. Tó bá tún fi ọjọ́ 180 míì wà bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíì. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù míì pe nọ́ńbà yẹn. Tí wọ́n bá ní ó wà ní pípa tàbí pé kò sí, ìrètí ṣì wà. Tí àjèjì bá gbé e, tó ní láti ọjọ́ mélòó kan lòun ti ń lò ó, ẹ gbà fún Ọlọ́run kẹ́ ẹ sì kọjá sí ti ímeèlì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò yín tó ṣì wà lórí Wátísáàpù nọ́ńbà yẹn o, ìyẹn lè wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí síìmù ti kú.

Tí nọ́ńbà ò bá tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, wẹ́kọ́ọ̀mù báàkì ni wọ́n máa ṣe fún un. Ẹni tí wọ́n forúkọ ẹ̀ forúkọ síìmù sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ fúnra ẹ̀ pẹ̀lú NIN, torí wọ́n máa wo ojú tàbí ìka onítọ̀hún. Ibí yìí ni orí ti bá wa ṣe é: ìyá wa ló ra síìmù yẹn fún àbúrò mi nígbà tó wà ní yunifásítì, orúkọ ìyá wa ló wà lórí ẹ̀. Torí náà ẹ béèrè o, ọ̀pọ̀ láìnì wa tó wà nílé, orúkọ ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá ló wà níbẹ̀ tí àwa alára ti gbàgbé. Ọjọ́ kìíní tí Màámi lọ, wọ́n dá wọn padà torí orúkọ ilé bàbá wọn ló wà lórí NIN, orúkọ ọkọ ló wà lórí síìmù. Wọ́n lọ kóòtù lọ búra, wọ́n gba afidéfíìtì, ọjọ́ kẹta ni síìmù tuntun tó dáhùn. Tó bá jẹ́ orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ sì wà ní Líìdìsì, ìka ẹlòmíì ò lè ṣe é fún yín. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ yẹn kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n lè ṣe fún ẹni tó wà lókè òkun, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá wálé.

Nígbà tí láìnì ti jí, ẹ lọ sí facebook.com/login/identify. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà pẹ̀lú +234, kẹ́ ẹ yọ òdo iwájú kúrò, torí tẹ́ ẹ bá kàn tẹ 080 tàbí 070 láti ìlú òyìnbó, ó lè ní òun ò rí ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin á wá rò pé wọ́n ti pa àkáǹtì yín rẹ́. Ó máa gbé pùròfáìlì jáde, ẹ wo fọ́tò dáadáa pé tiyín ni, kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn níbi tó ti ń sọ ibi tó máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí.

Ibi kóòdù yìí la ti fara pa. Síìmù wà lọ́wọ́ Màámi ní Ìtòkú, àbúrò mi wà ní Bámíńgámù, wọ́n wà lórí Wátísáàpù, kóòdù pẹ́ díẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́, ó tún ní kí wọ́n tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbà tí tuntun bá dé ni ti tẹ́lẹ̀ ń kú. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni Màámi wá ń kà fún un. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Fesibúùkù ní ó ti gbìyànjú jù, kó padà wá. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan, ẹ mú sùúrù, èyí tó dé kẹ́yìn sì ni kẹ́ ẹ lò. Tí wọ́n bá ti tì yín, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Lọ́jọ́ kejì a ò tún gbà á láti Bámíńgámù mọ́. Lápúútọ́ọ̀pù kan wà nílé tó fi ń wọ Fesibúùkù nígbà tó wálé kẹ́yìn, a ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tàn án, kó má pa nǹkankan rẹ́ nínú ẹ̀, orí buráúsà àtijọ́ yẹn gan-an ló sì ti ṣe é. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi wọlé. Fesibúùkù máa ń fọkàn tán ẹ̀rọ àti ibi tó ti mọ èèyàn tẹ́lẹ̀ ju fóònù tuntun lọ, kódà àwọn ọ̀nà míì tó lè fi hàn yín lè yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì. Torí náà tẹ́ ẹ bá ní tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù àtijọ́ tí gíláàsì ẹ̀ ti fọ́ nínú dúrọ́ọ̀, ẹ lọ gbé e.

Tí láìnì bá ti lọ pátápátá, ímeèlì tẹ́ ẹ fi sórí pùròfáìlì ló kù. Yáhùú lọ̀pọ̀ wa lò nígbà yẹn, Yáhùú sì máa ń pa àpótí tí wọn ò bá wọ̀ fún oṣù 12, Gúgù ń fúnni ní ọdún 2, torí náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Tí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, ẹ tẹ “No longer have access to these?” tó bá yọ sí yín. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ ránṣẹ́ tàbí kẹ́ ẹ fi fídíò ojú yín hàn. Orúkọ ló máa ń ba eléyìí jẹ́. Tó bá jẹ́ “Àdùkẹ́ Aládìrẹ” lẹ kọ sórí pùròfáìlì, tí páásípọ́ọ̀tù yín wá ń jẹ́ nǹkan míì, tí ọjọ́ ìbí tẹ́ ẹ tẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í sì í ṣe tòótọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ yín? Ẹ wá káàdì míì tó ní orúkọ tó bá a mu, àti fọ́tò.

Ẹlòmíì máa ní kẹ́ ẹ kó ìwé CAC lọ fún Fesibúùkù pé ẹ̀yin lẹ ni òwò. Ọ̀nà ọ̀hún wà, àmọ́ lójú tèmi, ibi tó ti wúlò ni ìgbà tí ádímìn bá ti kú tàbí tí òṣìṣẹ́ bá gbé pèèjì sá lọ. Ẹ̀yin fúnra yín ni ádímìn, ẹ fi ṣe àṣekẹ́yìn.

Ẹ tún wo èyí: ẹ lọ sí facebook.com/ads/library, ẹ tẹ orúkọ pèèjì yín. Tẹ́ ẹ bá rí ìpolówó tẹ́ ẹ ò mọ̀ tó ń lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí fóònù yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti wọlé. Ẹ pe báǹkì kí wọ́n ti káàdì tẹ́ ẹ fi ń sanwó ìpolówó, kẹ́ ẹ sì gba facebook.com/hacked wọlé dípò èyí tí mo sọ lókè. Àwọn kan sì máa kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí pé àwọn mọ ẹnì kan nínú Fesibúùkù. Irú wọn ló gba ₦60,000 lọ́wọ́ àbúrò mi, wọ́n tún ní kó ka kóòdù fún àwọn.

Gbàrà tẹ́ ẹ bá wọlé, kẹ́ ẹ tó dá kọ́sítómà kankan lóhùn, ẹ yípadà sí pèèjì yẹn, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Page access, ẹ tẹ Add new, ẹ fi ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán síbẹ̀ pẹ̀lú full control. Ó máa béèrè páásíwọ́ọ̀dù yín, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ gbà á lọ́dọ̀ tiẹ̀ kó tó jẹ́. Tiwa, Màámi la fi síbẹ̀. Síìmù yẹn náà ò tún padà sí Bámíńgámù mọ́, ó wà nínú fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré tí Màámi ń lò, gbogbo ọjọ́ Sunday ni wọ́n sì fi ń pe àǹtí wa ní Ṣàgámù.