Má ra áàpù tó ń wá dráífà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Wọ́n bá mi fi Windows 11 tuntun sórí laptọ́ọ̀pù HP mi ní Tákíè. Wọ́n pa ápúdéètì kó má baà jẹ dátà, wọ́n pa fáyàwọ́ọ̀lù kó lè yá, àmọ́ Wáì-Fáì ò jáde. Wọ́n ní kí n ra áàpù tó ń wá gbogbo dráífà. Èwo ló dáa jù, kí ló sì kù kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, má rà á. Kò sí èyí tó dáa nínú wọn. Ìbéèrè yìí ti ń sú mi, torí léraléra ni wọ́n ń gbé laptọ́ọ̀pù tí irú áàpù bẹ́ẹ̀ ti sọ dìdàkudà wá bá mi.

Dráífà ni ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows mọ bí yóò ṣe lo ẹ̀yà kan lára ẹ̀rọ. Iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀yà náà ló ń ṣe é, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Microsoft, Windows Update á sì gbé e wá fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó pa ápúdéètì ló ti ilẹ̀kùn mọ́ dráífà lóde, òun náà ló tún ń ta kọ́kọ́rọ́ fún ọ. Àwọn áàpù yẹn máa ń méfò. Wọ́n lè gbé dráífà ẹ̀yà tó fara jọ tìrẹ wọlé, kí ohùn dákẹ́ tàbí kí ojú síkírìnì máa ṣẹ́jú, kí ìpolówó sì gba gbogbo ẹ̀rọ.

Ohun tó o máa ṣe nìyí. Tẹ Windows àti X pọ̀, yan Device Manager. Lábẹ́ Other devices, ó ṣeé ṣe kó o rí Network Controller pẹ̀lú àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá kọ Code 28, dráífà ni kò sí, ẹ̀yà náà ò bàjẹ́. Lọ sí Details, yan Hardware Ids, wàá rí nǹkan bí èyí:

```
PCI\VEN_10EC&DEV_C821
```

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé VEN ni ti iléeṣẹ́ tó ṣe é: 10EC ni Realtek, 8086 ni Intel. Ti DEV ló ń sọ irú ẹ̀yà náà gan-an. C821 yìí ni RTL8821CE. Tìrẹ lè yàtọ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀.

Fi wáyà so fóònù rẹ mọ́ laptọ́ọ̀pù, kó o tan USB tethering lórí fóònù, íńtánẹ́ẹ̀tì á wọlé láìsí Wáì-Fáì. Wá tẹ Windows àti R pọ̀, kọ `services.msc`, wá Windows Update níbẹ̀, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí Startup type bá wà ní Disabled, yí i sí Manual, kó o tẹ Apply, lẹ́yìn náà Start. Padà sí Settings, wọ Windows Update, tẹ Check for updates, kó o sì wo Optional updates lábẹ́ Advanced options. Ibẹ̀ ni dráífà sábà máa ń fara pamọ́ sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, lọ sórí ojúlé HP fúnra wọn, fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ikùn laptọ́ọ̀pù wá a, kó o fi nọ́ńbà VEN àti DEV tó o kọ sílẹ̀ mọ èyí tó o máa gbé.

Bí Device Manager ò bá tiẹ̀ fi Network Controller tàbí ẹ̀yà Wáì-Fáì kankan hàn, ọ̀rọ̀ dráífà kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yà náà lè ti tú, tàbí kí wọ́n ti pa á nínú BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. N ò lè sọ èyí tó jẹ́ láìrí ẹ̀rọ náà. Bí ápúdéètì BIOS bá sì jáde, má fọwọ́ kàn án àyàfi tí bátìrì bá kún tí ṣájà sì wà lára rẹ̀. O mọ iná ìlú wa.

Ẹ̀rù dátà tó ń bà ọ́ tọ́, àmọ́ pípa ápúdéètì kọ́ ni ojútùú. Tan Metered connection fún fóònù rẹ, Windows á dá ọ̀pọ̀ ẹrù ńlá dúró. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft sábà máa ń gbé àtúnṣe ààbò jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti rọrùn, kó o jẹ́ kó wọlé.

Fáyàwọ́ọ̀lù ni ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà àjèjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pípa á kì í mú ẹ̀rọ yá. Ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator, kó o kọ:

```
netsh advfirewall set allprofiles state on
```

Lẹ́yìn náà, wo Accounts nínú Settings. Bí ẹni tó ṣe é bá fi orúkọ mìíràn sílẹ̀ níbẹ̀, rí i dájú pé ìwọ náà ní àkáǹtì Administrator tó ní páásíwọ́ọ̀dù àti pé fáìlì rẹ ò sí nínú tirẹ̀, kó o tó yọ ọ́. Ṣe àkáǹtì Standard kan fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ àti fún àwọn ọmọ ilé.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ohun tó wà ní D: ti wà ní ìpamọ́. Nínú ọ̀pọ̀ laptọ́ọ̀pù, inú háàdì kan náà ni C: àti D: wà, bí ó bá kú, méjèèjì lọ nìyẹn. Ra háàdì ìta, kó ìbéèrè ìdánwò àti máàkì àwọn ọmọ sí i, yọ ọ́, kó o sì ṣí fáìlì kan nínú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kó o lè mọ̀ pé ó wọlé lóòótọ́.