Nọ́ńbà tí wọ́n pè títí tí kò wọlé

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Ìbàdàn ni mo wà, mo ń kọ̀wé wá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí Mánṣẹ́sítà. Ímeèlì wo, nọ́ńbà wo àti àdírẹ́sì wo ni kí n kọ sókè síìfíì mi? Àǹtí mi ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ṣé kí n lo tiwọn ni?"

Àbúrò, ẹ jẹ́ kí n ti orí nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Nọ́ọ̀sì lèmi náà. Lọ́dún 2019, láti Abẹ́òkúta ni mo ti kọ̀wé sí ilé ìwòsàn kan ní Bámíńgámù. Bí mo ṣe máa ń kọ nọ́ńbà nílé ni mo ṣe kọ ọ́, bíi 0803 000 0000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí mo fi ímeèlì béèrè ni obìnrin kan ní ọ́fíìsì wọn dáhùn pé àwọn pè mí lẹ́ẹ̀mejì, kò wọlé, àwọn sì ti mú ẹlòmíì. Ìlà kan péré ni ì bá kọ sí mi nígbà tí kò wọlé! Ímeèlì mi wà níwájú rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi títí dòní.

Mo ní mo ti gbọ́n, mo wá kọ +2340803 fún ibòmíì. Ìyẹn náà kò wọlé. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi pé òdo iwájú yẹn, ẹni tó ń pè láti inú Nàìjíríà nìkan ló wà fún. Bí 234 bá ti wọlé, òdo gbọ́dọ̀ jáde: +234 803 000 0000. Ẹ ka nọ́ńbà tó tẹ̀ lé 234, mẹ́wàá géérégé ni kó jẹ́. Ẹ má sì fi 00 rọ́pò àmì + yẹn. Ará Gẹ̀ẹ́sì ló ń tẹ 00 kó tó pe òkèèrè, 011 ni ará Amẹ́ríkà ń tẹ̀, àmì + sì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì lórí fóònù alágbèéká.

Fọ́ọ̀mù orí ẹ̀rọ ayélujára tún ní ọ̀fìn tiẹ̀. Àpótí nọ́ńbà lè ti gbé +44 síwájú kí ẹ tó débẹ̀. Tí ẹ bá kàn tẹ nọ́ńbà yín lé e, ó ti di nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì tí kò sí níbì kankan nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ yí àsíá ibẹ̀ sí ti Nàìjíríà. Kí ẹ tó fi síìfíì ránṣẹ́, ẹ ní kí àǹtí yín fi fóònù wọn tẹ nọ́ńbà náà bó ṣe wà lórí ìwé gan-an, kí wọ́n má mú un látinú èyí tí wọ́n ti fi pamọ́. Tó bá dún lọ́wọ́ yín, ó pé.

Nọ́ńbà tiwọn ńkọ́? Rárá o. Mo lo ti ìbátan mi kan rí. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe, àárọ̀ ni wọ́n pè é, ojú oorun ló ti gbé e, ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ti ímeèlì kò le: orúkọ yín àti orúkọ bàbá yín, bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, láìsí àmì ohùn, láìsí ọdún ìbí.

Ní ti àdírẹ́sì, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ògbóǹtarìgì gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní kí n kọ Lọ́ńdọ̀nù síbẹ̀. Ibi tí mo kọ ọ́ sí ní kí n yọjú lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Èmi tí mo wà ní Abẹ́òkúta! Mo jẹ́wọ́, wọn ò dá mi lóhùn mọ́. Ìlú àti orílẹ̀-èdè tí ẹ wà gan-an ni kí ẹ kọ, nọ́ńbà ilé kò pọn dandan. Ẹ wá fi kún un pé ẹ ṣe tán láti kó lọ, àti bí ọ̀rọ̀ físà ṣe jẹ́:

```
Adunni Alabi
adunni.alabi@example.com | +234 803 000 0000
Ibadan, Nigeria (relocating to Manchester; visa sponsorship needed)
```

Tí físà bá ti wà lọ́wọ́, ẹ yọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, kí ẹ kọ oṣù tí ẹ máa dé.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé síìmù Nàìjíríà yín. Tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ má jẹ́ kó sùn. Bí ẹ ò bá náwó lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tì í, bó bá sì tún tó oṣù mẹ́fà míì, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíì. Orí síìmù mi tó kú ni nọ́ńbà àṣírí tí mo fi ń ṣí ímeèlì ń lọ. Ímeèlì tó wà lórí gbogbo síìfíì mi, mi ò rí i ṣí mọ́. Ẹ lọ pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù tó wà nínú ètò ímeèlì yín ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ti gba síìmù ibẹ̀, nígbà tí tilé ṣì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́.